Nígbà Tí Iṣẹ́ Bá Kọjá Ọjọ́ Àdéhùn: Bí A Ṣe Ń Kọ Lẹ́tà Ẹ̀bẹ̀ Tí Kò Ní Àwáwí

Oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ irú ọjọ́ yìí: ọjọ́ tó rí i dájú pé iṣẹ́ tí òun ti gba owó rẹ̀ kò ní í tó ọwọ́ ẹni tó ni ín lọ́jọ́ tí wọ́n jọ dá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe lọ́jọ́ náà ni pé wọ́n á pa fóònù, wọ́n á sì sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá wá, kó ní ọ̀gá ti jáde. Bí oníbàárà bá wá rí wọn mú níkẹyìn, wọ́n á ní NẸ́PÀ kò mú iná wá, òjò ò jẹ́, ọmọ iṣẹ́ sá lọ, iṣẹ́ Èṣù ni. Oníbàárà á dákẹ́. Á gba ẹrù rẹ̀ nígbà tó bá dé, kò sì ní í gbé iṣẹ́ wá síbẹ̀ mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ padà wá yóò kọ lẹ́tà. Yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nínú rẹ̀, kì í ṣe nítorí kí wọ́n lè ṣàánú rẹ̀, bí kò ṣe nítorí ohun kan tí oníbàárà nílò ju àánú lọ. Ẹni tí wọ́n já kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fẹ́ mọ̀ bóyá ọjọ́ tuntun tí wọ́n ń dá fún un ṣeé gbà gbọ́. Kò sí bó ṣe lè mọ̀ ọ́n bí kò bá mọ ohun tó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Ìdí tí a fi ń sọ òótọ́ nínú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ nìyẹn, òun náà sì ló ń jẹ́ ká mọ ohun tó yẹ ká kọ sínú rẹ̀ àti ohun tó yẹ ká yọ kúrò.

Ọ̀rọ̀ gèlè 60

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká tẹ̀ lé e dópin. Ká ní ilé ìhunṣọ kan wà ní Ìséyìn, ìlú tí a mọ̀ mọ́ aṣọ òkè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ahunṣọ mẹ́rin ló ń jókòó sídìí òfì níbẹ̀. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági n'Íbàdàn gbé iṣẹ́ wá fún wọn: gèlè 60, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n fi òwú dídán bíi wúrà sí lára. Ẹbí ìyàwó kan ló fẹ́ fi ṣe aṣọ ẹbí fún ìgbéyàwó tí yóò wáyé ní Àbámẹ́ta, ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá. Wọ́n fẹnu kò pé gbogbo rẹ̀ á dé Gbági ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án, kí àyè lè wà láti pín in fún àwọn tó sanwó. Ìyá aláṣọ san owó àsansílẹ̀ tó tó ra gbogbo òwú iṣẹ́ náà.

Aṣọ tí irú òfì yìí ń mú jáde máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, ìbú rẹ̀ kò ju bí íńṣì mẹ́rin lọ. Wọ́n á rán èyí mọ́ tọ̀hún títí yóò fi fẹ̀ tó gèlè. Ká ní ahunṣọ kọ̀ọ̀kan níbí yìí lè parí ti gèlè kan lójúmọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ, wọn kì í sì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 28, gèlè 40 ti wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀, wọn ì bá ti parí kí ọjọ́ àdéhùn tó pé.

Ṣùgbọ́n òwú tán. Ti gèlè 40 péré ni ọ̀gá rà níbẹ̀rẹ̀. Ó ti fi ìyókù owó náà ra òwú iṣẹ́ ẹlòmíràn, èrò rẹ̀ sì ni pé bí ẹni yẹn bá sanwó, òun á fi ra èyí tó kù. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ni òwú kejì tó dé. Orúkọ àwọ̀ kan náà ni ẹni tó tà á pè é, lábẹ́ gílóòbù inú ilé, ó sì jọ ti àkọ́kọ́. Wọ́n hun ún fún ọjọ́ mẹ́ta, gèlè 12 jáde. Ní Àbámẹ́ta, ọjọ́ 6, wọ́n tẹ́ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ tàtijọ́ nínú oòrùn, wọ́n sì rí i pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Tàtijọ́ ń fà sí àwọ̀ ewé tútù, tuntun ń pọ́n lọ sí yẹ́lò. Nínú aṣọ ẹbí, níbi tí gbogbo orí ti gbọ́dọ̀ dọ́gba, irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní í fara sin fún ẹni tó wà lókèèrè, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í fara sin nínú fọ́tò.

Ẹni tó mọ òwú kò ní í ya ẹnu sí èyí. Òwú tí wọ́n pa láró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kì í sábà bára mu délẹ̀délẹ̀, kódà bó jẹ́ irú aró kan náà ni wọ́n lò. Àwọ̀ méjì sì lè bára mu lábẹ́ iná kí wọ́n yàtọ̀ nínú oòrùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà ahunṣọ fi máa ń ra òwú iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà, látinú àpò kan náà.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 8, fi mọ́, bí nǹkan ṣe rí nìyí: gèlè 40 dára, 12 kò ṣeé kó mọ́ wọn, mẹ́jọ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Gèlè 20 ló kù láti hun, ọjọ́ àdéhùn sì ku ọjọ́ mẹ́rin.

Ẹ wá ìdí náà dé gbòǹgbò

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe lẹ́tà kíkọ. Ọ̀gá ní láti jókòó, kó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè títí tí yóò fi dé ibi tí ọwọ́ tirẹ̀ wà. Kí ló fa ìdádúró? Òwú tí wọ́n tà fún wa yàtọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bó bá dúró síbẹ̀, oníṣòwò òwú ló gbé ẹ̀bi lọ. Kí ló dé tí a fi hun òwú tó yàtọ̀? Nítorí pé a kò gbé e sí oòrùn wò. Kí ló dé tí òwú kejì fi wà rárá? Nítorí pé a rà á lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló dé tí a fi rà á lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí owó tí wọ́n fún wa tó ra gbogbo rẹ̀? Nítorí pé a fi owó ìyá aláṣọ ṣe iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Ibẹ̀ ni kí ìbéèrè dúró sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀gá ì bá ti ṣe nǹkan tó yàtọ̀, kí gèlè sì pé lọ́jọ́ Ẹtì. Gbólóhùn tó nira jù láti kọ nìyẹn, òun náà sì ni ìyá aláṣọ nílò jù. Bí ó bá gbọ́ pé òwú ló yàtọ̀, kò sí ohun tó mú un dá a lójú pé òwú kẹta kò ní í yàtọ̀. Bí ó bá gbọ́ pé wọ́n pín owó rẹ̀ sí méjì, ó ti mọ ohun tó yẹ kó bèèrè kó tó tún san kọ́bọ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà láti fi dá àwáwí mọ̀ nínú ohun tí a kọ. Àkọ́kọ́, ẹ wo ẹni tó ń ṣe nǹkan nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé òwú, òjò, iná àti ọmọ iṣẹ́ ló ń ṣe gbogbo nǹkan, tí "a" tàbí "mo" kò sì ṣe ohun kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwáwí ni. Ìkejì, ẹ bi ara yín bóyá ẹ ti mọ ohun náà nígbà tí ẹ ń dá ọjọ́. Òjò oṣù Kẹsàn-án kì í ṣe àlejò. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ti wà kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ dé. Ọjọ́ ọdún Iléyá kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè jẹ́ ìdí tí a fi pẹ́. Ohun tó jẹ́ ìdí ni pé a dá ọjọ́ bí ẹni pé kò sí.

Àwọn ohun kan wà ní tòótọ́ tí ẹnikẹ́ni ò lè rí tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà lè gé lójijì, ahunṣọ lè dùbúlẹ̀ àìsàn. A lè sọ irú èyí, ní gbólóhùn kan tàbí méjì, láìfi omijé sí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a mọ̀, ọjọ́ tí a sọ fún oníbàárà, àti ohun tí a ṣe láàárín méjèèjì kì í kúrò lọ́wọ́ wa, ohunkóhun tó wù kó fa ìdádúró. Ẹni tí ọ̀nà gé mọ́ lọ́jọ́ Ajé tó sì dákẹ́ títí di Ẹtì ti jẹ gbèsè mìíràn tí kì í ṣe ti ọ̀nà.

Ọjọ́ tó yẹ kí ọ̀rọ̀ jáde

Ọ̀pọ̀ máa ń fẹ́ kí ọjọ́ àdéhùn pé ná, bóyá iṣẹ́ ìyanu á ṣẹlẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, irọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n rí ìyàtọ̀ náà ni ọ̀gá yẹ kó pe ìyá aláṣọ lórí fóònù, kódà bí kò tíì mọ ọjọ́ tuntun. Kó sọ pé ìṣòro wà lára 20, pé 40 dára, pé lọ́jọ́ Ajé òun á kọ̀wé pẹ̀lú ọjọ́ tó dájú. Láwùjọ wa, ẹni tó bá fi Wáásáàpù nìkan sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún àgbà ti fi àrífín kún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ohùn ló ń ṣáájú, ìwé á tẹ̀lé e.

Ìwé ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí fóònù kò lè ṣe. Ìyá aláṣọ ti ṣèlérí fún ìyá ìyàwó, ìyá ìyàwó ti ṣèlérí fún àwọn ẹbí tó sanwó, àwọn kan nínú wọn sì lè wà nílùú mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà á gba ẹnu mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa wé gèlè. Bó bá jẹ́ ti ẹnu lásán, ọjọ́ 24 lè di ọjọ́ 14 kó tó débẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ lẹ́tà yìí bí ohun tí ẹlòmíràn tí ẹ kò mọ̀ rí máa kà, kó lè yé e láìjẹ́ pé ẹnì kan dúró tì í ṣàlàyé.

Bó ṣe yá tó náà ń mú ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Lọ́jọ́ 8, ìyá aláṣọ ṣì lè yan ohun tó fẹ́: ó lè gba 40, ó lè dúró, ó lè wá ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ 12, ìròyìn nìkan ló máa gbà. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí oníṣẹ́ fi dákẹ́, ohun tí oníbàárà lè yàn ló ń dín kù.

Lẹ́tà tí kò sọ nǹkan kan

Irú lẹ́tà tó wọ́pọ̀ nìyí:

"A kí yín o, Ìyá wa. A fẹ́ fi àsìkò yìí sọ fún yín pé nítorí àwọn ìṣòro kan tó kọjá agbára wa, ìdádúró díẹ̀ wà lórí iṣẹ́ yín. Bí ẹ ṣe mọ̀ pé nǹkan le nílùú, owó òwú ti lọ sókè, àwọn tó ń tà á náà kò sì ṣe òótọ́ mọ́. Ẹ fọwọ́ wọ́nú, láìpẹ́ gbogbo rẹ̀ á parí. Ẹ ṣeun tí ẹ fara dà á fún wa."

Ẹ wò ó bí kò ṣe sí ohun tí ìyá aláṣọ lè fi ṣe ètò. Kò mọ gèlè mélòó ló ti parí, kò mọ ọjọ́ wo ni "láìpẹ́". "Ìdádúró díẹ̀ wà" kò ní olóhun, bí ẹni pé ìdádúró náà kàn ya wọlé fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ nǹkan tó le nílùú ń sọ fún un ohun tí òun náà ń fojú rí ní Gbági lójoojúmọ́. Wọ́n tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìfaradà tí kò tíì sọ pé òun gbà láti ṣe.

Lẹ́tà tó yẹ kó gbà

"Ìséyìn, Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án.

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o.

Gèlè 60 tí ẹ gbé fún wa kò ní í pé lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12, tí a jọ dá. 40 ti wà nílẹ̀, wọ́n sì dára. 20 tó kù á dé ọwọ́ yín ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 24 oṣù yìí, ọjọ́ 10 ṣáájú ìgbéyàwó. Àwa la jẹ̀bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Owó àsansílẹ̀ tí ẹ san tó ra gbogbo òwú náà lẹ́ẹ̀kan. Ti gèlè 40 péré la rà, a sì fi ìyókù owó yín ra òwú iṣẹ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí a padà lọ ra èyí tó kù, àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti àkọ́kọ́ mu. A kò yẹ̀ ẹ́ wò nínú oòrùn kí a tó gbé e sórí òfì, a sì ti hun gèlè 12 kí a tó rí i ní Àbámẹ́ta. A kò ní í kó àwọn 12 náà mọ́ tiyín.

Ohun tí a ń ṣe báyìí: a ti fún aláró ní ègé òwú tó ṣẹ́ kù lára ti àkọ́kọ́ kó fi pa tuntun. Yóò kó o fún wa lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12, a ó sì yẹ̀ ẹ́ wò nínú oòrùn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí kò bá mu, ẹ ó gbọ́ lẹ́nu mi kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bó bá mu, a ó hun gèlè 20 láti Ajé ọjọ́ 15 sí Ẹtì ọjọ́ 19. Àbámẹ́ta la ó rán wọn tán. A fi Ajé ọjọ́ 22 àti Ìṣẹ́gun ọjọ́ 23 sílẹ̀ fún ohunkóhun tó bá tún yọjú.

Ẹ̀yin lẹ ó yan èyí tó bá yín lára mu. A lè fi 40 ránṣẹ́ kó dé lọ́jọ́ Ẹtì yìí, kí 20 tẹ̀lé e lọ́jọ́ 24. A lè kó gbogbo 60 wá pọ̀ lọ́jọ́ 24. Bí ọjọ́ 24 bá ti pẹ́ jù fún ẹbí ìyàwó, a ó dá gbogbo owó gèlè 20 padà fún yín láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá dúró dè wá, àwa la ó san owó ọkọ̀, a ó sì yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò lára owó gèlè 20.

Láti òní lọ, a kò ní í ta òwú iṣẹ́ kankan sórí òfì mọ́ àfi bí gbogbo òwú rẹ̀ bá ti pé sílé.

Bí ẹ bá fẹ́ kí n bá ìyá ìyàwó sọ̀rọ̀ fúnra mi, mo ṣetán. Mo ń retí ohun tí ẹ bá yàn títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, kí 40 lè wọkọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ bó bá jẹ́ òun lẹ fẹ́.

Èmi, ọ̀gá ilé ìhunṣọ."

Ohun tó mú un yàtọ̀

Ìròyìn burúkú ló ṣáájú, kì í ṣe ìkíni gígùn. Ẹni tó ń wá ọjọ́ tuntun rí i nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, ó sì rí i pẹ̀lú iye ọjọ́ tó kù sí ìgbéyàwó, nítorí pé ìgbéyàwó ni ìyá aláṣọ fi ń ka ọjọ́, kì í ṣe òfì. Ìdí tẹ̀lé e ní gbólóhùn márùn-ún. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀bi lọ lẹ́yìn ilé ìhunṣọ. A kò tilẹ̀ dárúkọ ẹni tó ta òwú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ní ọwọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àárín ahunṣọ àti oníṣòwò òwú kò kan ẹni tó ń dúró de gèlè.

Ẹ tún wo bí ẹ̀bẹ̀ ṣe kéré tó. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú" jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn "àwa la jẹ̀bi". Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ìwádìí tí Roy Lewicki, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Ohio nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2016 fẹsẹ̀ èyí múlẹ̀. Wọ́n kó ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ síwájú àwọn ènìyàn tó lé ní 700, wọ́n sì wo ohun mẹ́fà tó lè wà nínú rẹ̀: kí ènìyàn sọ pé ó dun òun, kó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, kó gbà pé òun jẹ̀bi, kó sọ pé òun ti yí padà, kó sọ bí òun ṣe máa tún un ṣe, kó sì tọrọ ìdáríjì. Gbígbà pé ẹni jẹ̀bi ló wúwo jù lọ. Sísọ bí a ṣe máa tún un ṣe ló tẹ̀lé e. Títọrọ ìdáríjì ló fúyẹ́ jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìyẹn kò ní ká má bẹ̀bẹ̀ o. Nílẹ̀ tiwa, ẹ̀ṣẹ̀ tí a kò fi "ẹ má bínú" sí kò tíì tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ẹ̀bẹ̀ kún ojú ìwé láìsọ ohun tó máa ṣe ń di ẹrù mìíràn lé ẹni tó ṣẹ̀ lórí: ó ń ní kó dárí ji òun kó tó mọ̀ bóyá gèlè á dé.

Ìlérí àtúnṣe náà ní ìwọ̀n. Ohun tó wà níkàáwọ́ ọ̀gá nìkan ló ṣèlérí. Kò sọ pé "irú èyí kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́ láéláé", nítorí kò sí ẹni tó lè mú un ṣẹ. Ó ní òun kò ní í ta òwú sórí òfì àfi bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ìyẹn sì jẹ́ ohun tí ìyá aláṣọ lè rí fúnra rẹ̀ nígbà tó bá tún gbé iṣẹ́ wá. Ẹ̀dínwó náà wà lórí gèlè 20 tó pẹ́, kì í ṣe lórí 60. Bí ó bá yọ púpọ̀ ju bí agbára rẹ̀ ṣe mọ lọ, owó tó yẹ kó fi ra òwú iṣẹ́ tó kàn ló máa fi dí i, a ó sì tún bá ara wa níbi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kejì kò gbọ́dọ̀ yẹ̀

Nínú gbogbo lẹ́tà yìí, ọjọ́ 24 ni kó gba ìrònú jù. Ojú ń ti oníṣẹ́ tó jẹ̀bi, ìtìjú sì máa ń sún un dá ọjọ́ tó sún mọ́ kí oníbàárà lè rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀. Bí ọ̀gá ìhunṣọ bá tẹ̀ lé ìtìjú yẹn, á ní ọjọ́ 19, nítorí ọjọ́ náà ni híhun máa parí bí ohun gbogbo bá lọ déédéé. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo kò lọ déédéé nígbà àkọ́kọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: ọjọ́ tí òwú máa dé, ọjọ́ márùn-ún fún híhun 20 lórí òfì mẹ́rin, ọjọ́ kan fún rírán àti yíyẹ̀wò, ọjọ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọjọ́ méjì kún un. Bó bá dé ṣáájú, oníbàárà á dúpẹ́. Bó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kò ní í ka lẹ́tà kẹta.

Òfin pàápàá ń fi ojú líle wo ọjọ́ kejì. Òfin tí ilé ẹjọ́ wa ń lò lórí ọjà títà jogún púpọ̀ látọ̀dọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá láti inú òfin ọjà títà ti ọdún 1893. Ẹjọ́ olókìkí kan wà níbẹ̀, láàárín ilé iṣẹ́ Charles Rickards àti oníbàárà rẹ̀ tó ń jẹ́ Oppenhaim. Oníbàárà yìí fẹ́ kí wọ́n kan ara mọ́tò sórí férémù Rolls-Royce rẹ̀, ó sì yẹ kí ó parí ní oṣù Kẹta ọdún 1948. Kò parí. Ó ní sùúrù, ó ń béèrè, ó ń dúró. Nígbà tó di ìparí oṣù Kẹfà, ó kọ̀wé pé bí kò bá jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Keje, òun kò ní í gbà á mọ́. Oṣù Kẹwàá ló tó parí, ó sì kọ̀ ọ́. Lọ́dún 1950, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, tí Adájọ́ Denning wà lára wọn, dá a láre. Sùúrù tó ní fún ọjọ́ àkọ́kọ́ kò sọ ọ́ di ẹni tó gbọ́dọ̀ dúró títí láé. Ó ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjọ́ tuntun tó bọ́gbọ́n mu, kó sì rọ̀ mọ́ ọn. Kí oníṣẹ́ tó ń ka èyí fi í sọ́kàn pé bí oníbàárà bá ti gbà fún un lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ tí wọ́n dá lẹ́yìn náà lè le ju ti ìṣáájú lọ.

Lẹ́yìn tí lẹ́tà bá ti lọ

Lẹ́tà náà ti dá àwọn ọjọ́ kan tí ìyá aláṣọ á máa retí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ 12, kó gbọ́ bóyá òwú mu. Lọ́jọ́ 19, kó gbọ́ bóyá híhun ti parí. Gbólóhùn kan lórí fóònù tó fún èyíkéyìí nínú méjèèjì, kò sì yẹ kó jẹ́ òun ló máa pe ọ̀gá. Ọ̀gá gan-an ni kó pè, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́, nítorí pé òun ló fọwọ́ sí lẹ́tà. Bí òwú bá tún kọ̀ láti mu lọ́jọ́ 12, kó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kó sì tún gbé ọ̀rọ̀ owó dídá padà síwájú rẹ̀. Ìgbéyàwó ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àyè ṣì wà láti ra nǹkan mìíràn.

Ìyá aláṣọ ṣì lè bínú. Ó lè gba owó 20 rẹ̀ padà, kó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ tó kàn fún ilé ìhunṣọ mìíràn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, lẹ́tà tó dára kò sì gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọ̀gá jẹ ẹ́ lọ́jọ́ 8 ni òótọ́ tó pọ̀ tó láti fi pinnu, nígbà tí àyè ṣì wà láti pinnu. Bí ó bá ti fún un ní ìyẹn, tí gèlè 20 sì dé Gbági lọ́jọ́ 24, ó ti san gbèsè tó wà ní agbára rẹ̀ láti san.